Òkúta tí a jù sókè láti orí òrùlé: eré tọ́, àsìkò kò tọ́, níbo ni àmì ti yí padà?

Olùkọ́ Ìrọ̀lẹ́ (Abẹ́òkúta)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi wo ìwé ọmọ kan. Ọmọ SS2 ni, mo máa ń kọ́ òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní físíìsì nírọ̀lẹ́. Ìbéèrè náà nìyí: ẹnì kan dúró sórí òrùlé ilé tó ga ní mítà 20, ó ju òkúta sókè ṣánṣán, eré tí òkúta fi kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ sì jẹ́ mítà 15 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Òkúta lọ sókè, ó padà, ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé sọ̀ kalẹ̀ títí ó fi kan ilẹ̀. Kí wọ́n fi 10 ṣe g, kí wọ́n má ka afẹ́fẹ́ sí. Ìṣẹ́jú àáyá mélòó ni òkúta lò kó tó balẹ̀? Eré wo ló sì fi balẹ̀?

Ohun tí ọmọ náà kọ nìyí, mi ò yọ nǹkan kan kúrò:

```
Òkè ni pílọ́ọ̀sì.
u = +15, a = -10
0 = 15 - 10t        t = 1.5   (ó dé òkè pátápátá)
15(1.5) - 5(1.5)^2 = 11.25    (gíga láti orí òrùlé)

Nígbà tó ń bọ̀ nílẹ̀:
s = 20, u = 15, a = 10
20 = 15t + 5t^2
t^2 + 3t - 4 = 0
t = 1
v = 15 + 10(1) = 25
```

Ìdáhùn tó wà lẹ́yìn ìwé ni 4 fún àsìkò, 25 fún eré. Ọmọ náà ní nígbà tí eré òun ti bá ti ìwé mu, ọ̀nà òun tọ́ nìyẹn, pé bóyá ìwé ló ṣi àsìkò kọ. Mo mọ̀ pé àmì ló yí padà láàrin iṣẹ́, mo sì fa ìlà pupa sí i. Ohun tí mi ò tíì lè ṣàlàyé fún un dáadáa ni bí àṣìṣe àmì ṣe ba àsìkò jẹ́ tí kò sì fọwọ́ kan eré. Máàkì mẹ́fà ni ìbéèrè náà, mẹ́ta fún àsìkò, mẹ́ta fún eré. Mélòó ni ẹ máa fún un?

Mọ́mì Ìbejì

Olùkọ́, ẹ kú wàhálà. Ṣé kì í ṣe ti g yẹn ni? Olùkọ́ àwọn ọmọ mi sọ pé 9.8 ni g, kì í ṣe 10. Bóyá ìyàtọ̀ náà ló fa á tí ìdáhùn wọn kò fi bára mu.

Ẹnjiníà Kọ́lá

Rárá o, Mọ́mì Ìbejì. Ẹ fi 9.8 ṣe é, 4.07 ni ẹ máa rí dípò 4. g kò lè sọ 4 di 1.

Olùkọ́, ọ̀rọ̀ yìí kò le. Ọmọ náà ti kọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé òkè ni pílọ́ọ̀sì. Ilẹ̀ wà nísàlẹ̀ ibi tí òkúta ti gbéra, nítorí náà s gbọ́dọ̀ jẹ́ -20. Ìlà kan ṣoṣo ló tó:

```
-20 = 15t - 5t^2
t^2 - 3t - 4 = 0
(t - 4)(t + 1) = 0
t = 4
v = 15 - 10(4) = -25
```

Máínọ́ọ̀sì tó wà lára 25 ń sọ pé ìsàlẹ̀ ló kọjú sí. Ó tán. Bí èèyàn bá ti mú òkè ní pílọ́ọ̀sì, kò gbọdọ̀ yí i mọ́ títí iṣẹ́ yóò fi parí. Ẹni tó bá yí i ti kùnà. Òfo ni tèmi máa fún un, kó lè rántí lọ́jọ́ ìdánwò.

Bàbá Físíìsì (Iléṣà)

Mo kí gbogbo yín. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, àmọ́ irú ìwé báyìí ò ṣàjèjì sí mi.

Kọ́lá, iṣẹ́ tí o ṣe yẹn tọ́ látòkè délẹ̀. Ibi tí mi ò ti bá ọ lọ ni òfin tí o ṣe. Kò sí ẹni tó ní kéèyàn má yí ìhà padà. Òkè ò ní ẹ̀tọ́ kankan sí pílọ́ọ̀sì ju ìsàlẹ̀ lọ, àwa la yàn án. Bí èèyàn bá fẹ́ yí i láàrin iṣẹ́, kó yí i, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó ní ìhà ló gbọ́dọ̀ yí pọ̀: s, u, v àti a. Ẹ wá wo ìlà tí ọmọ yẹn kọ sábẹ́ “nígbà tó ń bọ̀ nílẹ̀”. s di 20, ó ti kọjú sísàlẹ̀. a di 10, òun náà ti kọjú sísàlẹ̀. u ṣì jẹ́ 15, bó ṣe wà nígbà tí òkè jẹ́ pílọ́ọ̀sì. Méjì yí, ọ̀kan kò yí. Bó bá jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ló fẹ́ fi ṣe pílọ́ọ̀sì láti ìgbà tí òkúta kúrò lọ́wọ́, -15 ló yẹ kí u jẹ́:

```
20 = -15t + 5t^2
t^2 - 3t - 4 = 0
```

Ìdọ́gba Kọ́lá gan-an ló padà wá yẹn, 4 náà ni yóò sì jáde.

Wàyí o, Olùkọ́, ìbéèrè tí o bi nípa eré ló dùn mọ́ mi jù, torí òun ló ń tan àwọn tó ń máàkì jẹ. Wo fọ́múlà tí kò ní àsìkò nínú, `v^2 = u^2 + 2as`. u wọlé síbẹ̀ ní ìlọ́po ara rẹ̀, nítorí náà ì báà jẹ́ +15, ì báà jẹ́ -15, 225 náà ni. a àti s wọlé pọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìsọdipúpọ̀, ọmọ náà sì yí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà: -10 lọ́nà -20 jẹ́ 200, 10 lọ́nà 20 náà jẹ́ 200. Ní ọ̀nà méjèèjì, v ní ìlọ́po ara rẹ̀ jẹ́ 225 àti 400, ìyẹn 625, eré sì jẹ́ 25. Àṣìṣe tó ṣe bọ́ sí ibi kan ṣoṣo tí fọ́múlà yẹn kò lè rí. Bó bá jẹ́ a nìkan ló yí tí kò yí s, eré pàápàá ì bá ti bàjẹ́.

Ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi gbọdọ̀ fi eré nìkan yẹ irú iṣẹ́ yìí wò. Bí a ju òkúta sókè pẹ̀lú eré 15 tàbí a sọ ọ́ sísàlẹ̀ pẹ̀lú 15, eré kan náà ni yóò fi kan ilẹ̀. Àsìkò ló ń ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Tòní SS3

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an, sà. Ẹ jọ̀ọ́, mo ní ìbéèrè. Nínú iṣẹ́ Bọ̀dá Kọ́lá, t = -1 náà jáde. Olùkọ́ wa ní ká máa jù ú nù torí àsìkò kì í jẹ́ máínọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn rí t = 1. Ṣé 1 yẹn àti -1 yìí bára tan ni, àbí ó kàn ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Bàbá Físíìsì (Iléṣà)

Ọmọ mi, wọ́n bára tan. Olùkọ́ yín ò ṣìnà bó ṣe ní kẹ́ ẹ jù ú nù, torí pé ìgbà tí òkúta kúrò lọ́wọ́ ni aago wa bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdọ́gba ò mọ̀ pé ẹnì kan dúró lórí òrùlé. Ohun tí -1 ń sọ ni pé, ká ní òkúta ti ń rin ìrìn kan náà kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jù ú, ilẹ̀ ni ì bá ti gbéra ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣáájú. Fi -1 sínú `v = 15 - 10t`, 25 ni wà á rí, ó kọjú sókè. Ìyẹn ni pé òkúta tí a jù láti ilẹ̀ pẹ̀lú eré 25 yóò kọjá òrùlé náà lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá kan, eré rẹ̀ yóò sì ti di 15. Nígbà tí ọmọ Olùkọ́ yí a àti s ṣùgbọ́n tí kò yí u, ó dà bí ẹni pé ó yí aago sẹ́yìn. Ohun tó jẹ́ -1 di 1, ohun tó jẹ́ 4 di -4. Yanjú ìdọ́gba tirẹ̀ tán, 1 àti -4 ni wà á rí.

Àdùkẹ́ Ìkòròdú

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, irú èyí náà ló ṣẹlẹ̀ sí ọmọ mi ọkùnrin. Ti mọ́tò ni tirẹ̀. Mọ́tò ń sá eré mítà 20 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, awakọ̀ tẹ bíréèkì, ó sì dúró láàrin ìṣẹ́jú àáyá 5. Ó rí i pé a jẹ́ -4, ìyẹn tọ́. Ó wá fẹ́ mọ bó ṣe rìn jìnnà tó kó tó dúró, ó rí mítà 150. Ìwé ní 50. Ó ní òun kò yí ìhà kankan padà, iwájú ni pílọ́ọ̀sì látìbẹ̀rẹ̀.

Ẹnjiníà Kọ́lá

Àǹtí Àdùkẹ́, ó jọ ọ́ ṣùgbọ́n kì í ṣe òun. Mo lè bura pé ohun tó kọ ni `s = ut - ½at²`, tó sì wá fi -4 sí àyè a.

Àdùkẹ́ Ìkòròdú

Bẹ́ẹ̀ gan-an ló kọ ọ́. Ó ní nígbà tí nǹkan bá ń dẹ̀rọ̀, máínọ́ọ̀sì ni wọ́n ń lò nínú fọ́múlà.

Ẹnjiníà Kọ́lá

Ibẹ̀ ló ti ṣubú. Ó ti ka bíréèkì lẹ́ẹ̀mejì. Máínọ́ọ̀sì kan wà nínú fọ́múlà, òmíràn wà lára nọ́ńbà, méjèèjì pa ara wọn rẹ́, ó wá di pé mọ́tò ń sáré sí i nígbà tí wọ́n tẹ bíréèkì: 100 àti 50. Kó yan ọ̀kan. Yálà kó fi pílọ́ọ̀sì sínú fọ́múlà kó sì jẹ́ kí -4 gbé máínọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ́wọ́, tàbí kó fi máínọ́ọ̀sì sínú fọ́múlà kó sì kọ 4 lásán. Èmi máa ń ní kí wọ́n fi fọ́múlà sílẹ̀ bó ṣe wà, kí nọ́ńbà gbé àmì tirẹ̀.

Yéwándé (Manchester)

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Èmi náà ń kọ́ àwọn ọmọ níbí. Lọ́dọ̀ wa, àwọn ọmọ tó ń múra fún ìdánwò àṣekágbá máa ń to s, u, v, a, t ní òòró, wọ́n á ya ọfà kékeré sókè ibẹ̀ láti fi ìhà tó jẹ́ pílọ́ọ̀sì hàn. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ abala mìíràn, wọ́n á to òmíràn, wọ́n á sì ya ọfà tuntun. Ìyẹn máa ń jẹ́ kí ẹni tó ń máàkì rí ibi tí ìhà ti yí.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí mo rò pé gbogbo wa ti fò kọjá. Ẹ padà wo abala kejì ìwé ọmọ náà. Ẹ jẹ́ ká gbàgbé ìgbà tí òkúta kúrò lọ́wọ́. Ká bẹ̀rẹ̀ aago láti ìgbà tí òkúta ń padà bọ̀ tó sì kọjá ẹ̀gbẹ́ òrùlé lọ sísàlẹ̀. Eré tó ní níbẹ̀ ni 15, ó kọjú sísàlẹ̀. Ibi tó kù tó máa rìn ni 20, sísàlẹ̀. Òòfà ilẹ̀ jẹ́ 10, sísàlẹ̀. s = 20, u = 15, a = 10. Gbogbo rẹ̀ tọ́! t = 1 náà sì tọ́, ìṣẹ́jú àáyá kan ni òkúta fi rìn láti ẹ̀gbẹ́ òrùlé dé ilẹ̀. Ó ti lo 1.5 láti gòkè, ó lo 1.5 láti padà dé òrùlé, ìyẹn 3. 3 àti 1 jẹ́ 4.

Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kí ọmọ náà má ṣi àmì kankan. Ó lè jẹ́ pé ó gbàgbé láti ro 3 mọ́ ọn ni.

Bàbá Físíìsì (Iléṣà)

Yéwándé, o ṣeun, ọmọ mi. Òótọ́ lo sọ, kò sì sí nínú ohun tí mo kọ́kọ́ kọ. Nọ́ńbà mẹ́ta yẹn lè jẹ́ àṣìṣe àmì, wọ́n sì lè jẹ́ iṣẹ́ tó tọ́ tí aago rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níbòmíràn. Bó ti wà lórí ìwé, kò sí ẹni tó lè fi ojú lásán mọ èyí tó jẹ́.

Ibi tó sàn jù láti yí ìhà padà ni òkè pátápátá, torí pé u jẹ́ 0 níbẹ̀, kò sì sí àmì kankan lára òdo tí èèyàn lè gbàgbé láti yí. Ọmọ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀. Ó ti rí 11.25, kò kàn lò ó mọ́ ni. Kó ro ó pọ̀ mọ́ 20 ilé, kó wá kọ:

```
Ìsàlẹ̀ ni pílọ́ọ̀sì báyìí. Aago bẹ̀rẹ̀ lókè pátápátá.
s = 31.25, u = 0, a = 10
31.25 = 5t^2
t = 2.5
lápapọ̀: 1.5 + 2.5 = 4
```

Olùkọ́, bí ọmọ bá yí ìhà láàrin iṣẹ́, kò tó kó kọ ìhà tuntun nìkan. Ó gbọ́dọ̀ kọ ibi tí ó ti ń wọn s, àti ìgbà tí aago bẹ̀rẹ̀. Bi ọmọ náà ní ìbéèrè kan péré: “Nígbà tí t jẹ́ 0 ní abala kejì yìí, níbo ni òkúta wà, kí ló sì ń ṣe?” Bó bá ní òkúta ń kọjá òrùlé lọ sísàlẹ̀, Yéwándé ló gbà á. Bó bá ní ìgbà tí òkúta kúrò lọ́wọ́ ni, àmì ló ṣì.

Olùkọ́ Ìrọ̀lẹ́ (Abẹ́òkúta)

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo bi í lónìí. Ó kọ́kọ́ dákẹ́. Ó wá ní, “Ìgbà tó jù ú ni, sà. Ìbéèrè ló ní u jẹ́ 15.” Mo ní kí ló dé tí a fi wá di 10 láìsí máínọ́ọ̀sì? Ó ní torí òkúta ti ń bọ̀ nílẹ̀ báyìí, òòfà ilẹ̀ ti ń ràn án lọ́wọ́, kò dí i lọ́nà mọ́.

Ẹ rí i pé ibẹ̀ gan-an ni gbòǹgbò rẹ̀ wà. Lójú rẹ̀, máínọ́ọ̀sì túmọ̀ sí “ó ń dẹ̀rọ̀”, pílọ́ọ̀sì sì túmọ̀ sí “ó ń yára sí i”. Kò mọ̀ pé òòfà ilẹ̀ ò kọjú síbòmíràn rí láti ìgbà tí òkúta ti kúrò lọ́wọ́, yálà ó ń gòkè ni o tàbí ó ń sọ̀ kalẹ̀. Mo ní kó fi `20 + 15t - 5t²` wá ibi tí òkúta wà láti ilẹ̀ nígbà tí t jẹ́ 1. Ó rí mítà 30. Ó wò ó títí, ó ní, “Ó ṣì ń lọ sókè!” Ìgbà yẹn ló fúnra rẹ̀ fi ìka tọ́ka sí 1.5 tó ti kọ lókè ìwé, pé òkúta ò lè balẹ̀ ní 1 nígbà tí kò tíì dé òkè títí di 1.5. Ó ti wà lójú ìwé náà látìbẹ̀rẹ̀.

Tòní SS3

Bàbá, ṣé bó ṣe yẹ ká máa ronú nípa a nìyẹn? Pé kò kan yíyára tàbí dídẹ̀rọ̀ rárá?

Bàbá Físíìsì (Iléṣà)

Ó kàn án, ṣùgbọ́n kì í ṣe a nìkan ló ń sọ ọ́. Fi a wé v. Bí àmì wọn bá bára mu, ohun náà ń yára sí i. Bí àmì wọn ò bá bára mu, ó ń dẹ̀rọ̀. Nígbà tí òkúta yìí ń sọ̀ kalẹ̀, tí òkè ṣì jẹ́ pílọ́ọ̀sì, v jẹ́ máínọ́ọ̀sì, a jẹ́ máínọ́ọ̀sì, ó sì ń yára sí i. Ọ̀pọ̀ ló ń gbé àmì lé ìṣe ohun náà dípò ìhà tó kọjú sí, pàápàá àwọn tó jẹ́ pé bíréèkì mọ́tò ni wọ́n fi kọ́ wọn ní máínọ́ọ̀sì.

Ẹnjiníà Kọ́lá

Mo ti gbọ́ ti Bàbá àti Yéwándé, mo sì gbà pé yíyí ìhà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi ìdánwò, níbi tí àsìkò ti kéré, mo ṣì ní kí ọmọ mú ìhà kan, kó sì dì í mú. Ní ti máàkì, mo yí ohùn padà díẹ̀: kó gba 1 fún abala àkọ́kọ́ tó tọ́. Eré 25 yẹn, mi ò ní fún un ní nǹkan kan. Kò mọ̀ ọ́n, ó bọ́ sí i ni.

Yéwándé (Manchester)

Ẹ̀gbọ́n Kọ́lá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú. Ọmọ náà fi iye tó rí fúnra rẹ̀ sínú fọ́múlà tó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu, ó sì ṣírò rẹ̀ láìṣì. Èmi á fún un ní máàkì ọ̀nà ní abala eré, bóyá 2 nínú 3, kí n sì yọ ti ìhà torí kò sọ ibi tí 25 kọjú sí. Pẹ̀lú ti abala àkọ́kọ́, ó di 3 nínú 6.

Bàbá Físíìsì (Iléṣà)

Ẹ̀yin méjèèjì ní ẹjọ́ tiyín. Tèmi ni pé kí Olùkọ́ tún ìbéèrè náà ṣe, kí eré má bàa máa bo àṣìṣe mọ́lẹ̀ mọ́. Dípò eré tó fi balẹ̀, bi wọ́n ní ibi tí òkúta wà nígbà tí t jẹ́ 2. Ẹni tó tọ́ yóò rí 30 - 20, mítà 10 lókè òrùlé. Ẹni tó yí a tí kò yí u yóò rí 30 àti 20, mítà 50 nísàlẹ̀ òrùlé, ìyẹn mítà 30 nínú ilẹ̀. Kò sí bí yóò ṣe bá ìdáhùn ìwé mu.

Mọ́mì Ìbejì

Ó ti wá yé mi pé kì í ṣe ti g. Ṣé ẹ lè fún mi ní ọ̀kan tí mo lè fún àwọn ìbejì mi? Ọ̀la ni wọ́n ní ìdánwò kíláàsì.

Bàbá Físíìsì (Iléṣà)

Bálúùn kan ń gòkè ṣánṣán pẹ̀lú eré mítà 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó ga ní mítà 60, àpò iyanrìn já bọ́ lára rẹ̀. g jẹ́ 10. Ìṣẹ́jú àáyá mélòó ni àpò náà lò kó tó kan ilẹ̀, báwo ló sì ṣe ga tó láti ilẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 1? Má sọ fún wọn pé àpò náà ṣì ń gòkè nígbà tó já. Jẹ́ kí wọ́n wá a.

Tòní SS3

Mo ti ṣe é, sà. 4 ni àsìkò, ó sì ga ní mítà 60 lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 1, ó ti gòkè ó sì ti padà dé ibi tó ti já. Ẹni tó bá yí a àti s nìkan, 3 ló máa rí.

Bàbá Físíìsì (Iléṣà)

Ó tọ́. Ó ku ẹnì kan tó máa kọ 3.46. Ronú ohun tó ṣe sí u.